Ẹ̀fẹ̀ Kan Náà, Etí Ọ̀tọ̀

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà lọ́kàn mi. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ láti ìgbà èwe wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà níbi ìnáwó kan, lórí ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu wọn ní àìmọye ìgbà. Ẹni tó dá àpárá náà ni ẹni tó máa ń dá a, ẹni tó dá a sí ni ẹni tó máa ń dá a sí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Síbẹ̀, ohun tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín di ohun tí àwọn àgbà ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí a tú ká, oníkálùkù ló ní àlàyé tirẹ̀. Àwọn kan ní ọtí ni. Àwọn kan ní àìsùn ló pa á, pé ẹni tí kò bá fojú kan oorun kò yẹ ní ẹni à ń bá ṣeré. Ìyàwó ẹni tó bínú náà ní inú ọkọ òun kò dùn láti ilé. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ohun tó ń dààmú mi ni pé a ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lára ènìyàn. Mo ti ronú sí i, mo sì ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ tó ń wádìí ìwà ẹ̀dá kọ nípa rẹ̀, ibi tí mo sì dé ni pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí àárẹ̀ ti ń ba ẹ̀fẹ̀ jẹ́, ọ̀tọ̀ ni ti ọtí, ọ̀tọ̀ ni ti inú tí kò dùn. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni bí ó ṣe yẹ kí a bá ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá mú lò.

## Lábẹ́ àtíbàbà

Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, Ìbàdàn ló ti ń ta ohun ìkọ́lé: sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù. Ìjẹ̀bú ni èkejì. Ẹ mọ irú àpárá tó máa ń wà láàárín irú wọn. Bí Ìjẹ̀ṣà bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Ìjẹ̀bú a figbe ta pé, "Òṣómàáló ti dé o! Kí ẹni tó bá jẹ gbèsè tètè gba ẹ̀yìnkùlé jáde!" Ìjẹ̀ṣà náà a fèsì pé òun kò wá gbowó, pé owó tí Ìjẹ̀bú rì mọ́lẹ̀ ni òun wá wò, bóyá ó ti hù. Lọ́pọ̀ ìgbà, Ìjẹ̀ṣà gan-an ló máa ń dá a sílẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lanu.

Ìsìnkú ìyá Ìjẹ̀bú ló gbé wa dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Wọ́n ṣe àìsùn mọ́jú, Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà sì wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ rárá. Òru tó ṣáájú èyí, kò sùn pẹ̀lú, nítorí pé oníbàárà kan tó kó ẹrù àwìn lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, kò sì gbé ìpè mọ́. Àwa kò mọ̀ nípa èyí nígbà náà. Nígbà tí a sin ìyá tán, tí a jókòó sábẹ́ àtíbàbà lọ́sàn-án, ó ti mu ìgò bíà ńlá mẹ́ta láìtíì fẹnu kan oúnjẹ. Ìlù ń dún kíkankíkan, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù lẹ́yìn wa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì láti kí àwọn àlejò, gba ẹ̀yìn yọ sí i, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì ké pé, "Òṣómàáló! Ta ló tún jẹ ọ́ lówó níbí?"

Mo ń wo ojú Ẹ̀gbọ́n ní àkókò yẹn. Ní ìgbà tí ara bá dá, kí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó délẹ̀ ni èsì máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Kò yíjú padà. Ó rọra gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Kí lo wí?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé ariwo ìlù ni kò jẹ́ kó gbọ́, ó tún un wí, ó sì gbé ohùn sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ tó fi jẹ́ pé àwọn tábìlì tó yí wa ká yíjú sí wa. Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó ní, "Ṣé ìwọ náà ti gbọ́ ni? Ṣé torí pé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín láwùjọ lo ṣe pè mí wá síbí?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ̀fẹ̀ mà ni! Àbí kí ló dé?" Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ̀fẹ̀ wo? Ẹ̀fẹ̀ bàbá ta?" Lẹ́yìn èyí, àwọn àgbà dá sí i, wọ́n sì mú Ẹ̀gbọ́n lọ sínú ilé.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́yìn náà, orí gbólóhùn tó kẹ́yìn ni wọ́n gbé e kà. Ní tèmi, "Kí lo wí?" ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí. Ẹni tó bá ń bèèrè kí wọ́n tún ẹ̀fẹ̀ sọ fún òun, tó sì jẹ́ pé òun àti ẹni tó ń sọ ọ́ ti jọ mọ̀ ọ́n lórí, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ kò rí ẹ̀rín tó yẹ kó bá a rìn.

## Abẹ́rẹ́ tí a fi òwú wé

Dacher Keltner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé kan jáde ní ọdún 2001 tó ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Wọ́n ní ohun méjì ló máa ń wà nínú àpárá. Èkínní ni ohun tó lè gún ènìyàn: àbùkù rẹ̀, ìlú rẹ̀, ìwà rẹ̀, ohun tí a bá sọ ní ojúkojú láìrẹ́rìn-ín tí yóò di èébú. Èkejì ni àwọn àmì tó ń sọ fún un pé kí ó má gbà á bí èébú: ohùn tí a fà gùn, ojú tí a ṣẹ́, àbùmọ́ tí kò lè jẹ́ òótọ́, ẹ̀rín, ọwọ́ tí a gbé lé èjìká. Bí abẹ́rẹ́ tí a fi òwú wé ni. Bí kò bá sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe àpárá mọ́, oríkì ni. Bí kò bá sì sí òwú lára rẹ̀, ìjà ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò ni pé inú ẹni tó ń gbọ́ ni òwú yìí ti ń di òwú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi àmì hàn ni, ẹni tó ń gbọ́ ló gbọ́dọ̀ rí i, kó kà á, kó sì so ó mọ́ ọ̀rọ̀ náà, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ ni. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń ṣe é láìmọ̀ pé òun ń ṣe é, nítorí èyí ni a ṣe máa ń rò pé inú ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rín wà.

Justin Kruger àti àwọn méjì mìíràn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, èyí tó fi hàn pé ẹni tó ń dá àpárá máa ń rò pé inú rere òun hàn ketekete nínú ohun tí òun sọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n dá a sí kò rí inú rere náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ mọ ohun tó wà nínú òun, nítorí náà ó rò pé ó hàn síta. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ̀yìn ni ọ̀rẹ́ gbà yọ, ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín kò hàn sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ìlù sì gbé ìró ohùn rẹ̀ mì tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ló dé etí. Òwú tó wà lára abẹ́rẹ́ náà ti fẹ́lẹ́ kí a tó dé orí oorun, ọtí tàbí gbèsè.

## Ojú tó rẹ̀ kì í ka ojú

Nípa àárẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí Els van der Helm, Ninad Gujar àti Matthew Walker ṣe ní Berkeley, ìpínlẹ̀ Kalifóníà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́, wọ́n jẹ́ kí àwọn kan sùn, wọn kò jẹ́ kí àwọn yòókù sùn ní òru kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwòrán ojú ènìyàn hàn wọ́n. Ojú náà wà ní ìpele-ìpele, láti orí èyí tí ìmọ̀lára inú rẹ̀ kéré títí dé èyí tó hàn gbangba. Àwọn tí kò sùn ṣì mọ ojú ẹni tí inú ń bí gan-an, wọ́n sì mọ ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín gan-an. Ojú àárín ni wọn kò mọ̀ mọ́ dáadáa: ìbínú tó mọ níwọ̀n, ìdùnnú tó mọ níwọ̀n. Nígbà tí wọ́n sùn padà, ìmọ̀ náà padà bọ̀ sípò.

Ìwádìí yìí kò sọ̀rọ̀ nípa àpárá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a gbé e wá síbi ọ̀rọ̀ wa. Irú ojú wo ni ẹni tó ń dá àpárá máa ń ṣe? Ojú àárín gan-an ni. A fa ojú ro díẹ̀, ẹ̀rín sì ń jà láti jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Bí ó bá fi ojú rẹ́rìn-ín gan-an, adùn àpárá ti lọ, nítorí pé adùn rẹ̀ ni kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe kàyéfì díẹ̀. Àárẹ̀ kò gba gbogbo ojú lọ́wọ́ ẹni. Irú ojú tí àpárá gbẹ́kẹ̀ lé gan-an ló ń gbà. Ìdí nìyí tí ẹni tó rẹ̀ fi lè bá ọ sọ̀rọ̀ dáadáa, kó kí ọ, kó bèèrè ilé lọ́wọ́ rẹ, kó sì wá gba ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo sódì.

Ọ̀nà kejì tí àárẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ tilẹ̀ ká mi lára ju èyí lọ, n kò sì rí ẹni tó ń sọ ọ́. Láàárín wa, àpárá ní èsì. A kì í dá a sí ènìyàn kó dákẹ́. Bí Ìjẹ̀bú bá sọ tirẹ̀, Ìjẹ̀ṣà a sọ tirẹ̀, àwùjọ a sì fi ẹ̀rín dọ́gba láàárín wọn. Ẹni tí kò bá sùn, ọpọlọ rẹ̀ ń falẹ̀. Èsì tó yẹ kó jáde kíá kò jáde. Ní àkókò kúkúrú tó fi ń wá a, gbogbo tábìlì ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dá lé e lórí láìsí ohun tó fi gbè é. Ọ̀rọ̀ náà lè má dùn ún rárá. Àìrí èsì ni yóò dùn ún. Ohun tí mo rí lójú Ẹ̀gbọ́n nígbà tó dákẹ́ nìyẹn, n kò rò pé ìbínú ni nígbà náà. Ó jọ ojú ẹni tó ń wá ohun tó fi pamọ́ tí kò sì rántí ibi tó fi í sí.

Àwọn Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo gbà pé oorun náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. A sì lè mọ ẹni tó ti dé ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́: á rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti rẹ́rìn-ín tán, á dáhùn ọ̀rọ̀ bí ó ṣe wà gan-an, bí ẹni pé ìbéèrè ni, á ní, "Rárá, n kò wá gbowó", tàbí kó ní, "Kí lo wí?" Bí a bá gbọ́ ọ̀kan nínú wọn, kí a yí ọ̀rọ̀ padà ló kù. Títún un sọ kò wúlò, nítorí pé ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tún sọ.

## Ohun tó sún mọ́ ọ jù ni ọtí ń fi hàn ọ́

Ọtí yàtọ̀. Àwọn kan gbà pé ọtí ló ń tú ohun tó wà nínú ènìyàn síta, pé ìbínú tí Ẹ̀gbọ́n fi hàn ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. N kò gbà. Ọkùnrin kan náà yìí, mo ti rí i tó mu ju ìgò mẹ́ta lọ níbi ìgbéyàwó, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì pè é ní Òṣómàáló, tó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, tó sì gbá a mọ́ra. Bí ọtí bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ìbínú sílẹ̀, kí ló dé tí kò ṣí i lọ́jọ́ yẹn?

Àlàyé tí Claude Steele àti Robert Josephs ṣe ní ọdún 1990 bá ohun tí mo rí mu jù. Wọ́n ní ọtí ń sọ ojú ọkàn di kékeré. Ẹni tó ti mu ún kò lè gbá ohun púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó sún mọ́ ọn jù, tó sì hàn jù, nìkan ló ń rí. Bí ohun tó sún mọ́ ọn bá jẹ́ ayọ̀ ìgbéyàwó àti ojú ọ̀rẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ayọ̀ náà á gbòòrò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ "ta ló jẹ ọ́ lówó" tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ yẹn á gba gbogbo àyè. Kó sì tó lè mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni, ènìyàn gbọ́dọ̀ di ohun méjì mú pọ̀: ohun tí wọ́n sọ, àti ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ọtí fi ti iwájú sílẹ̀ fún un, ó gba ti ẹ̀yìn.

Laurent Bègue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi nǹkan kan kún un ní ọdún 2010. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin ní ọtí, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ nípa oríṣiríṣi ìṣe bóyá ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni tàbí ó ṣèèṣì. Àwọn tó mu ọtí ní tòótọ́ sọ pé "ó mọ̀ọ́mọ̀ ni" ju àwọn tí kò mu lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ Ẹ̀gbọ́n ń pariwo pé "Ẹ̀fẹ̀ mà ni!", ohun tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ni ohun tí ọtí kò jẹ́ kó lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí pé ibí yìí ni mo ti rí àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú bí a ṣe ń parí irú ìjà yìí. Ìgò bíà ńlá máa ń gba nǹkan bíi sẹntilítà 60, agbára ọtí inú rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ ìdá 5 nínú ìdá 100. Ògidì ọtí inú rẹ̀ yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 24. Ìgò mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi 72. Ara àgbàlagbà ń pa nǹkan bíi gíráàmù 7 sí 10 ní wákàtí kan, ó sì yàtọ̀ láti ara dé ara. Ẹni tó mu ìgò mẹ́ta tán ní aago 2 ọ̀sán lè ṣì ní ọtí lára ní aago 9 alẹ́, kódà kó kọjá bẹ́ẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá sì ṣófo nígbà tó ń mu ún, á tètè gun orí rẹ̀. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni àwọn àgbà kó àwọn méjèèjì jọ pé kí wọ́n "parí ọ̀rọ̀." Wọ́n gbà lóòótọ́, nítorí ọlá àgbà. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n kò rántí ìdajì ohun tí wọ́n jọ sọ, ọ̀rọ̀ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lórí fóònù. Ká ní oúnjẹ, omi àti ibi tó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sí ni wọ́n fún un ní aago 4 yẹn, wọn kì bá tí ṣe ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

## Inú tó ti ń wá ibi tí yóò dà sí

Àárẹ̀ ń gba ojú tí a fi ń rí òwú, ọtí ń gba àyè tí a fi ń rántí pé òwú wà. Iṣẹ́ inú tí kò dùn le ju ti àwọn méjèèjì lọ, nítorí pé abẹ́rẹ́ gan-an ló ń pọ́n. "Ṣé ìwọ náà ti gbọ́ ni?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n sọ nígbà tó dìde. Fún ọjọ́ méjì, kò sí ohun mìíràn lọ́kàn rẹ̀ ju gbèsè lọ. Ó ti ń ro ohun tí ènìyàn yóò máa sọ: Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n jẹ lówó gbé, tí kò rí i gbà! Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bèèrè ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ìbéèrè náà bọ́ sórí egbò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo dá ara mi lójú pé ká ní nǹkan mìíràn ni wọ́n fi dápàárá, ká ní wọ́n ní fìlà rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ìbá ti kọjá lọ, oorun ìbáà má sí, ọtí ìbáà wà.

William Pedersen, Candace Gonzales àti Norman Miller fi irú rẹ̀ hàn nínú ìwádìí kan ní ọdún 2000. Wọ́n mú kí inú kọ́kọ́ bí àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn ṣe ohun kékeré kan tí kò tó nǹkan sí wọn. Fún ẹni tí inú kò bí tẹ́lẹ̀, ohun kékeré náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tí inú ti bí tẹ́lẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ sí ẹni kejì náà kọjá ohun tó ṣe. Oníbàárà tó sá lọ ni Ẹ̀gbọ́n ń bá jà lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kàn wà nítòsí.

Ti inú tí kò dùn ní àǹfààní kan tí ti àwọn méjì yòókù kò ní, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè dín in kù. Ẹ kò lè sọ fún ẹni tí kò sùn pé kó sùn nípa sísọ fún un pé kò sùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983, Norbert Schwarz àti Gerald Clore ròyìn pé àwọn pe àwọn ènìyàn lórí fóònù lọ́jọ́ tí oòrùn ràn àti lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, wọ́n sì bi wọ́n bí ìgbésí ayé ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí. Ọjọ́ òjò ni ìdáhùn burú jù, àyàfi tí olùpè bá ti kọ́kọ́ bèèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Nígbà náà ni ìyàtọ̀ á pòórá. (Àwọn tó wá wo ọ̀rọ̀ òjò náà lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú ènìyàn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ipa ojú ọjọ́, nítorí náà n kò ní fi òjò búra.) Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé bí a bá ti dárúkọ ohun tó ń dunni, kì í rọrùn fún un mọ́ láti gun orí ohun mìíràn. Ẹ̀gbọ́n kò sọ fún ẹnì kan nínú wa pé wọ́n jẹ òun lówó gbé. Ó ń tijú. Ká ní ó ti sọ ọ́ lóru àìsùn, a kì bá ti dá àpárá gbèsè rárá, tàbí kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá a.

## Ọjọ́ tí gbogbo ìlú gbà pé kí a ṣe é

Ìbéèrè kan kù tó fẹ́ já àlàyé mi gbà. Bí àárẹ̀ àti ọtí bá ń ba àpárá jẹ́ tó báyìí, báwo ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe ọdún tí èébú pọ̀ nínú rẹ̀ ju oúnjẹ lọ? Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn ní Ìbàdàn, tí wọ́n máa ń ṣe ní oṣù Kẹta, àwọn ènìyàn ń kọrin nípa ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ bínú. Ní ilẹ̀ Kétu àti agbègbè rẹ̀, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ṣeré lójúmọmọ, ó sì ń fi orin tú àṣírí àwọn oníwà burúkú títí di ìdájí, lójú ènìyàn tí oorun ń kùn, tí àwọn kan nínú wọn sì ti mu ẹmu.

Ìdáhùn mi ni pé nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó nílò láti wá àmì lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ gan-an ni àmì. Aṣọ, agọ̀, ìlù àti ọjà tí a pé sí ń sọ ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tóbi tó fi jẹ́ pé ẹni tó yó kò lè ṣàì rí wọn. Ohun tó sún mọ́ ọ̀mùtí jù lọ níbẹ̀ ni ọdún fúnra rẹ̀. Àpárá àárín ọ̀rẹ́ méjì kò ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ojú, ohùn àti ìrántí ọ̀rẹ́ nìkan ló ní, àwọn tí oorun àti ọtí sì ń kọ́kọ́ mú lọ nìyẹn. Òkú ṣíṣe tilẹ̀ tún burú sí i, nítorí pé ó jọ ayẹyẹ, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ̀ dájú bóyá ẹkún ni tàbí ijó ní wákàtí tí a wà.

## Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi

Mo lọ kí i ní Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Ó ti sùn, kò mu nǹkan kan, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀, ó ní, "Àbúrò, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dùn mí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí orúkọ yẹn ti ń dùn mí."

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé ẹnu tirẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rín bo ohun tó ń dùn wọ́n, ìbínú ọjọ́ kan ni yóò sì tú u. Ṣùgbọ́n mo rántí pé Gordon Bower ti kọ ọ́ ní ọdún 1981 pé bí inú ènìyàn bá ṣe rí lọ́wọ́ ló ń yan ohun tí yóò rántí: inú tí kò dùn ń ṣa àwọn ọjọ́ tí kò dùn jọ. Ní ọjọ́ tí mo lọ kí i, oníbàárà náà kò tíì san kọ́bọ̀. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ó ń wo fóònù rẹ̀. Nítorí náà, n kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí mi gan-an, bóyá Ẹ̀gbọ́n tó ti ń fara da àpárá láti ọdún gbọọrọ ni, tàbí ẹni tí gbèsè ń yan ìrántí fún.

Mo gbọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé oníbàárà náà ti san ìdajì owó, ó sì ti fi ọjọ́ sí èyí tó kù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Ìjẹ̀bú kò pè é ní Òṣómàáló mọ́ láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ gan-an ló fi ń pè é, ìyàwó sì ní ọkọ òun ń ráhùn pé ọ̀rẹ́ òun ti ń ṣe bí àlejò sí òun. Bó bá gba owó yòókù tán, mo fẹ́ padà lọ bi í ní ìbéèrè kan náà.